Ọ̀nà Tí Owó Gbà Wọlé: Ìtàn Àkáǹtì Owó Òkèèrè ní Ilẹ̀ Nàìjíríà

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1984, àwọn agbófinró dá Fẹlá Aníkúlápò-Kútì dúró ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà. Òun àti ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀ ń lọ ṣeré ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó fẹ́ mú 1,600 pọ́n-ùn owó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde ní ìlú láìgba àṣẹ. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún fún un. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà nígbà náà, wọ́n sì gbà títí di òní, pé ọ̀rọ̀ òṣèlú ni ó wà nídìí ẹjọ́ náà. Ṣùgbọ́n òfin tí wọ́n fi mú un wà nílẹ̀ ní tòótọ́, gbogbo ọmọ ìlú ni ó sì dè. Ní ọdún 1985, nígbà tí ọkùnrin náà ṣì wà lẹ́wọ̀n, ìjọba ológun gbé òfin mìíràn jáde tí ó fún ọmọ Nàìjíríà láyè láti kó dọ́là, pọ́n-ùn àti irú owó bẹ́ẹ̀ lọ sí báńkì, kí ó sì fi wọ́n pamọ́ síbẹ̀ ní orúkọ ara rẹ̀. Òfin yẹn ni ìpìlẹ̀ àkáǹtì tí gbogbo ènìyàn ń pè ní dọ́ọ̀mù lónìí.

Bí ìjọba kan ṣe lè fi ọwọ́ kan ti ènìyàn mọ́lé nítorí pọ́n-ùn, kí ó sì fi ọwọ́ kejì ṣí ilẹ̀kùn fún pọ́n-ùn kan náà, kò ṣòro láti lóye bí a bá mọ ohun tí ojú ìlú ń rí ní àkókò náà.

Òfin àkóso owó òkèèrè tí ó wà nílẹ̀ láti ọdún 1962 sọ pé ẹni tí owó ilẹ̀ òkèèrè bá tẹ̀ lọ́wọ́ ní láti mú un lọ fún báńkì tí ìjọba fún láṣẹ, kí báńkì rà á, kí ó sì fún un ní owó ilẹ̀ yìí. Èrò òfin náà ni pé owó òkèèrè jẹ́ ti gbogbo ìlú, ìjọba ni yóò sì pinnu ẹni tí yóò lò ó. Ní ìgbà tí owó epo rọ̀bì ń wọlé bí òjò, òfin náà kò ni ẹnikẹ́ni lára púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó epo já wálẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, dọ́là wọ́n gógó. Ẹni tí ó bá fẹ́ kó ọjà wọlé ní láti gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba, ìwé àṣẹ náà fúnra rẹ̀ sì di ohun tí àwọn ènìyàn ń tà. Ní ìwé ìjọba, náírà kan ṣì níye lórí ju dọ́là kan lọ ní ọdún 1985. Ní ẹ̀gbẹ́ títì, ìlọ́po mélòó kan iye yẹn ni àwọn tó ń pààrọ̀ owó ń gbà lórí dọ́là kan.

Nítorí ìyàtọ̀ yìí, kò sí ẹni tí orí rẹ̀ pé tí yóò mú dọ́là rẹ̀ lọ sí báńkì láti tà á ní iye ìjọba. Àwọn tí wọ́n ti òkè òkun dé fi owó wọn sínú àpótí nílé, tàbí kí wọ́n fi sílẹ̀ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ìfìyàjẹni le, síbẹ̀ owó kò wọlé. Nígbà náà ni ìjọba gba ọ̀nà kejì: bí kò bá lè fi agbára gba owó náà, ó lè fún oní-in ní ibi tí yóò fi í sí láìsí pé wọ́n sọ ọ́ di náírà. Ìyẹn ni ìtumọ̀ òfin ọdún 1985. Kì í ṣe ẹ̀bùn fún ọlọ́rọ̀. Ìdẹ ni, láti mú owó tí ó sá pamọ́ padà wá sí abẹ́ òrùlé báńkì.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1986, ìjọba Bàbángídá dá ọjà pàṣípààrọ̀ kejì sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta dọ́là bí ẹni ta ọjà ní gbàǹjo. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, dọ́là kan di náírà mẹ́rin àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni òfin ńlá ti ọdún 1995 dé, èyí tí ó fagi lé òfin ọdún 1962 pátápátá. Òfin ọdún 1995 yìí ni ó ṣì ń ṣiṣẹ́ títí di òní, ohun méjì sì wà nínú rẹ̀ tí ó yẹ kí ẹni tí ó ní dọ́ọ̀mù mọ̀. Èkíní ni pé ó sọ ọ́ gbangba pé ẹnikẹ́ni lè ṣí àkáǹtì owó òkèèrè sí báńkì tí a fún láṣẹ, kí ó ní in, kí ó sì máa lò ó. Èkejì ni pé ẹni tí ó bá mú owó bébà tí ó ju 10,000 dọ́là lọ wọ ìlú ní láti kéde rẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù. Òfin náà sọ pé nítorí àkọsílẹ̀ ni ìkéde yìí wà, kì í ṣe láti gba owó náà lọ́wọ́ oní-in. Ẹni tí ó bá kéde, ìwé ìkéde rẹ̀ yóò jẹ́rìí fún un nígbà tí báńkì bá béèrè ibi tí owó ti wá. Ẹni tí kò bá kéde ti fi ẹ̀rí tí ó rọrùn jù lọ sílẹ̀ ní pápákọ̀.

Títí dé ibí, ẹnikẹ́ni lè rò pé ìtàn náà ti parí: ìlẹ̀kùn ti ṣí, ó sì ti wà ní ṣíṣí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú iṣẹ́ báńkì tí òfin kò lè yí padà, òun ni ó sì bí gbogbo wàhálà tí ó tẹ̀lé e. Ohun náà ni pé oríṣi méjì ni dọ́là, bí wọ́n tilẹ̀ ń jẹ́ orúkọ kan náà.

Dọ́là kìíní ni owó bébà, èyí tí a lè dì mú lọ́wọ́. Èkejì ni dọ́là tí ó jẹ́ nọ́ḿbà lásán nínú ìwé báńkì kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Báńkì tí ó wà ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó kò lè fi owó bébà sínú wáyà. Kí ó tó lè fi dọ́là ránṣẹ́ sí òkèèrè, ó gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì tirẹ̀ lọ́dọ̀ báńkì ńlá kan ní òkèèrè, irú èyí tí ó wà ní Niú Yọ́ọ̀kì, owó sì gbọ́dọ̀ wà nínú àkáǹtì náà. Bí ìbátan kan bá fi 5,000 dọ́là ránṣẹ́ láti báńkì rẹ̀ ní Húsítìnì sí Ìbàdàn, kò sí bébà kankan tí ó gun ọkọ̀ òfurufú. Nọ́ḿbà ni ó kúrò ní àkáǹtì kan bọ́ sí àkáǹtì báńkì ọmọ Nàìjíríà náà ní Amẹ́ríkà, tí báńkì ọ̀hún wá kọ ọ́ sí orúkọ ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí. Nígbà tí oní-in bá fẹ́ fi owó yìí sanwó ní òkèèrè, ó wà níbẹ̀ ní sẹpẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó bébà yàtọ̀. Bí ènìyàn bá gbé 5,000 dọ́là sínú àpò lọ sí báńkì, báńkì yóò kọ 5,000 sí àkáǹtì rẹ̀, ṣùgbọ́n inú àpótí irin báńkì ní Ìbàdàn ni owó náà wà. Bí oní-in bá wá ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òkèèrè, báńkì yóò lo dọ́là tirẹ̀ tí ó wà ní Amẹ́ríkà láti san án, bébà yóò sì kù sí i lọ́wọ́. Láti sọ bébà náà di nọ́ḿbà, ó ní láti dì í sínú àpótí, kí ó sanwó ààbò àti ti ọkọ̀, kí ó sì kó o lọ sí òkèèrè, níbi tí wọn yóò ti béèrè ibi tí irú òkìtì owó bẹ́ẹ̀ ti wá.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn ní ọdún 2015. Owó epo ti tún já wálẹ̀, dọ́là tí ó wà ní òkèèrè ń gbẹ, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ń ra dọ́là bébà ní ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n ń kó o sí dọ́ọ̀mù, wọ́n sì ń ní kí báńkì fi wáyà ránṣẹ́. Àpótí irin àwọn báńkì kún, àkáǹtì wọn ní òkèèrè sì ń ṣófo. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, àwọn báńkì bẹ̀rẹ̀ sí í kéde pé àwọn kò gba owó òkèèrè bébà mọ́. Báńkì Àpapọ̀ Ilẹ̀ Nàìjíríà fi òǹtẹ̀ lù ú: kò sí báńkì tí ó gbọ́dọ̀ gba owó bébà sí dọ́ọ̀mù, owó tí ó bá gba orí wáyà wọlé nìkan ni a lè fi wáyà ránṣẹ́ jáde. Owó bébà tí ó ti wà nínú àkáǹtì tẹ́lẹ̀, oní-in lè gbà á padà ní bébà, tàbí kí ó tà á fún báńkì kí ó gba náírà.

Kí ohun tí èyí túmọ̀ sí lè yé ènìyàn, kí a fi ìyá kan ní Abẹ́òkúta ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní 8,000 dọ́là nínú dọ́ọ̀mù rẹ̀. 5,000 nínú rẹ̀ ni àbúrò rẹ̀ fi wáyà ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà; 3,000 tí ó kù ni owó bébà tí òun fúnra rẹ̀ kó lọ síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ rẹ̀ wà ní ilé-ìwé gíga ní Amẹ́ríkà, owó ilé-ìwé sì jẹ́ 6,000 dọ́là. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, ojú kan náà ni báńkì fi wo gbogbo 8,000 náà. Yóò san 6,000, yóò sì ku 2,000. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan àkáǹtì rẹ̀, 5,000 péré ni ó lè fi ránṣẹ́. 1,000 tí ó kù wà níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni ó wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dé ilé-ìwé náà. Kò sí ẹni tí ó jí i lówó. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé nọ́ḿbà kan ṣoṣo tí ó ń rí nínú ìwé àkáǹtì rẹ̀ ti jẹ́ oríṣi owó méjì láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún un.

Oṣù márùn-ún ni ìlẹ̀kùn náà fi wà ní títì. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kìíní ọdún 2016, Báńkì Àpapọ̀ kéde pé àwọn báńkì lè tún máa gba owó bébà, ní ọjọ́ kan náà tí ó dáwọ́ dọ́là títà fún àwọn ilé pàṣípààrọ̀ owó dúró. Ṣùgbọ́n gbígbà owó bébà yàtọ̀ sí fífi í ránṣẹ́. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ tún ṣàlàyé òfin dọ́ọ̀mù ní òpin oṣù kọkànlá ọdún 2020, ó pín owó inú àkáǹtì sí ìsọ̀rí kedere. Owó tí ó bá gba orí wáyà wọlé, oní-in lómìnira láti lò ó fún ohunkóhun tí òfin gbà láyè. Owó tí a bá kó lọ ní bébà wà lábẹ́ àwọn òfin tí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Owó tí oníṣòwò bá rí lórí ọjà tí ó tà sí òkèèrè ní àkáǹtì tirẹ̀ lọ́tọ̀, iṣẹ́ òwò rẹ̀ nìkan ni ó lè lò ó fún, èyí tí ó bá sì kù ni yóò tà ní ọjà pàṣípààrọ̀.

Oṣù kẹfà ọdún 2023 ni àtúnṣe ńlá dé. Ìjọba pa oríṣiríṣi iye pàṣípààrọ̀ pọ̀ di ọ̀kan. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, dọ́là kan fò láti nǹkan bí 470 náírà lọ sí òkè 600 ní ọjà ìjọba. Báńkì Àpapọ̀ wá sọ fún àwọn báńkì pé kí wọ́n má ṣe dènà owó bébà mọ́, bí wọ́n bá ti mọ oníbàárà wọn dájú tí wọ́n sì tẹ̀lé òfin tí ó lòdì sí fífọ owó ìdọ̀tí. Ó ní oní-dọ́ọ̀mù ní òmìnira lórí owó rẹ̀, àti pé nínú owó tí ó kó wá ní bébà, ó lè fi wáyà ránṣẹ́ tó 10,000 dọ́là lóòjọ́. Báńkì yóò sì máa kọ ìdí tí wọ́n fi fi owó náà ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn tí wọ́n ń fún Báńkì Àpapọ̀. Ìyá tí ó wà ní Abẹ́òkúta lè san gbogbo 6,000 rẹ̀ lábẹ́ òfin yìí, nítorí 1,000 tí yóò yọ nínú owó bébà rẹ̀ kò sún mọ́ gbèdéke náà rárá.

Bí ó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ìlẹ̀kùn mìíràn tì ní ọdún 2024. Ní òpin oṣù kìíní ọdún náà, Báńkì Àpapọ̀ gbé ìlànà jáde fún àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń gbé owó láti òkèèrè wá fún àwọn ẹbí: náírà ni kí wọ́n máa san fún ẹni tí a fi owó ránṣẹ́ sí. Láti ọdún 2020, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti lè gba dọ́là lọ́wọ́ wọn tàbí kí wọ́n fi í sí dọ́ọ̀mù rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí àbúrò rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Húsítìnì tí ó sì fẹ́ kí owó náà wà ní dọ́là ní láti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé láti báńkì sí báńkì ni kí ó ti fi í ránṣẹ́, kì í ṣe láti orí áàpù tí ń gbé owó kiri. Owó kan náà, láti ọwọ́ ènìyàn kan náà, lè di dọ́là tàbí náírà nítorí ọ̀nà tí ó gbà wọlé.

Àkáǹtì náà fúnra rẹ̀ kò ṣòro láti ṣí. Ọ̀pọ̀ báńkì a máa fẹ́ kí ènìyàn kọ́kọ́ ní àkáǹtì náírà lọ́dọ̀ wọn. Wọn yóò béèrè nọ́ḿbà BVN àti NIN, ìwé ìdánimọ̀ bíi ìwé ìrìnnà tàbí ìwé àṣẹ awakọ̀, fọ́tò, àti ìwé owó iná tàbí irú rẹ̀ tí ó fi àdírẹ́sì hàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ń béèrè ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n ní àkáǹtì kọ́rẹ́ǹtì, tí wọn yóò fọwọ́ sí ìwé pé àwọn mọ oníbàárà náà. Ibí ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń dúró sí fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nítorí báńkì ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òótọ́ ni. Owó kọ̀ọ̀kan ní àkáǹtì tirẹ̀: ti dọ́là yàtọ̀, ti pọ́n-ùn yàtọ̀, ti yúrò yàtọ̀, kálukú pẹ̀lú nọ́ḿbà mẹ́wàá tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ní kí wọ́n fi pọ́n-ùn ránṣẹ́ sí nọ́ḿbà àkáǹtì dọ́là lè rí i pé wọ́n dá owó náà padà, tàbí pé wọ́n ti ṣẹ́ ẹ ní iye tí kò tẹ́ òun lọ́rùn.

Kí owó wáyà tó lè dé, ẹni tí ń fi í ránṣẹ́ nílò ju nọ́ḿbà àkáǹtì lọ. Ó nílò orúkọ gẹ́gẹ́ bí ó ti wà ní báńkì gan-an, kóòdù SWIFT báńkì náà, àti orúkọ báńkì òkèèrè tí báńkì náà ń bá ṣiṣẹ́ pọ̀, èyí tí owó yóò gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni àwọn ènìyàn sábà máa ń gbàgbé, òun náà sì ni ó sábà máa ń fa kí owó sọnù sí ọ̀nà fún ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta. Báńkì tí ó wà láàrin a máa yọ owó iṣẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí ìyá Abẹ́òkúta yìí bá ń san owó ilé-ìwé, fọ́ọ̀mù báńkì yóò béèrè ẹni tí yóò ru owó iṣẹ́ náà. Bí ó bá yan OUR, òun ni yóò san gbogbo rẹ̀ láti ìhín. Bí ó bá yan SHA, àwọn méjèèjì ni yóò pín in, báńkì ààrin sì lè yọ tirẹ̀ nínú 6,000 náà. Bí ó bá yọ 30 dọ́là, 5,970 ni yóò dé ilé-ìwé, ilé-ìwé yóò sì máa kọ̀wé pé ọmọ náà jẹ gbèsè 30 dọ́là. Báńkì yóò tún béèrè ìwé tí ilé-ìwé fi béèrè owó náà, nítorí ó ní láti kọ ìdí tí owó fi jáde.

Ní ti owó bébà, ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí ènìyàn fi sọ́kàn. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀rí ibi tí owó ti wá: ìwé ìkéde pápákọ̀, ìwé ọjà tí a tà, tàbí ìwé tí báńkì mìíràn fi san án. Èkejì ni pé òfin ọdún 2022 tí ó lòdì sí fífọ owó ìdọ̀tí pàṣẹ pé kí wọ́n ròyìn owó tí ó bá ju 10,000 dọ́là lọ tí ó wọlé láti òkèèrè tàbí tí ó jáde lọ síbẹ̀. Ìròyìn yìí kì í ṣe ẹ̀sùn. Ohun tí ń fa ìfura ni kí ènìyàn máa gé 25,000 sí wẹ́wẹ́, kí ó máa kó 9,000 wá ní ọjọ́ kan àti 8,000 ní ọjọ́ kejì kí ó má baà kan gbèdéke. Ẹ̀kẹta ni bébà fúnra rẹ̀. Àwọn báńkì kan a máa kọ dọ́là àtijọ́ tàbí dọ́là kéékèèké bíi márùn-ún àti mẹ́wàá, títí tí Báńkì Àpapọ̀ fi kìlọ̀ fún wọn ní oṣù kẹrin ọdún 2021 pé kí wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀, kí wọ́n sì má ṣe lu òǹtẹ̀ sí ara owó náà mọ́. Ẹni tí wọ́n bá kọ owó rẹ̀ lẹ́yìn ìkìlọ̀ yìí lè tọ́ka sí i.

Gbígba owó jáde ní bébà tún ní ààlà tirẹ̀ tí kò sí nínú ìwé òfin. Òfin lè sọ pé oní-in ní òmìnira lórí owó rẹ̀, ṣùgbọ́n bí owó náà bá gba orí wáyà wọlé, ní òkèèrè ni ó wà. Bí ẹ̀ka báńkì kò bá ní dọ́là bébà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọn yóò ní kí ó padà wá lọ́la, tàbí kí ó gba ìwọ̀nba. Ìṣòro ọdún 2015 nìyí tí ó yí padà: nígbà náà bébà pọ̀, nọ́ḿbà kò sí, nígbà mìíràn nọ́ḿbà wà, bébà kò sí. Ẹni tí ó ń bọ̀ wá rìnrìn-àjò tí ó sì nílò bébà gbọ́dọ̀ sọ fún báńkì ṣáájú ọjọ́ ìrìnnà rẹ̀.

Ta ni ó wá ń jẹ àǹfààní àkáǹtì yìí? Ìtàn rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti dáhùn. Ẹni tí dọ́là ń wọlé fún, tí yóò sì fi dọ́là sanwó, ni a ṣe é fún. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá jókòó ní Ìbàdàn, tí ó ń bá ilé-iṣẹ́ òkèèrè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń san án ní dọ́là lóṣooṣù, àkáǹtì yìí gbà á lọ́wọ́ kí wọ́n ṣẹ́ owó rẹ̀ lọ́jọ́ tí kò yàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni òbí tí ọmọ rẹ̀ wà nílé-ìwé ní òkèèrè, àti oníṣòwò tí ń ta kòkó tàbí kásù sí òkèèrè, ẹni tí òfin fún ní 180 ọjọ́ láti mú owó ọjà rẹ̀ padà wálé. Fún àwọn wọ̀nyí, dọ́là wọlé, dọ́là jáde. Bí náírà bá lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, kò kàn wọ́n púpọ̀.

Ẹni tí ó ń fi náírà ra dọ́là kí ó lè fi pamọ́ ni ó yẹ kí ó rò ó dáadáa. Òótọ́ ni pé ẹni tí ó ra dọ́là ní ìgbà tí ó wà ní 470 tí kò sì tà á títí di ọdún 2024 jèrè. Ṣùgbọ́n ọdún 2024 kan náà kọ́ àwọn mìíràn lọ́gbọ́n. Ní oṣù kejì, dọ́là kan kọjá 1,800 náírà ní ẹ̀gbẹ́ títì, ìbẹ̀rù sì mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn sáré rà á. Nígbà tí yóò fi di àárín oṣù kẹrin, ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí 1,200. Ẹni tí ó ra 1,000 dọ́là ní 1,800 san 1,800,000 náírà. Bí ọ̀ranyàn bá mú un tà á ní oṣù kẹrin yẹn, 1,200,000 ni yóò gbà. 600,000 ti lọ láàrin oṣù méjì. Àkáǹtì dọ́ọ̀mù lásán kì í sì sábà san èlé tí ó tó nǹkan. Kò sí ẹni tí ó mọ ọjọ́ tí náírà yóò yí, nítorí náà, owó tí oúnjẹ, owó ilé àti ìwòsàn ń dúró dè kì í ṣe owó dọ́ọ̀mù.

Láti ọdún 1962 títí di òní, ìjọba ti tì í, ó ti ṣí i, ó sì ti tún un tì, nígbàkígbà tí owó epo bá lọ sílẹ̀ tí dọ́là sì gbẹ. Kò sí ohun tí ó fi hàn pé kò ní rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun tí oní-dọ́ọ̀mù lè ṣe ni pé kí ó mọ èwo nínú owó rẹ̀ ni wáyà, èwo sì ni bébà. Ìwé àkáǹtì tí báńkì ń fún un yóò fi bí owó kọ̀ọ̀kan ṣe wọlé hàn bí ó bá kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Kí ó fi ìwé ẹ̀rí ọ̀kọ̀ọ̀kan pamọ́. Bí sísan kan bá wà níwájú tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀, bí owó ilé-ìwé tàbí ti ilé ìwòsàn, kí ó jẹ́ pé owó wáyà ni yóò yà sọ́tọ̀ fún un, nítorí òun ni ìlẹ̀kùn kò tíì tì mọ́ nínú gbogbo àtúnṣe láti ọdún 2015. Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.